Gbólóhùn Olímpọ́ọ̀sì Kò Kọ́ Ẹnikẹ́ni ní Nẹ́ẹ̀fù Orí

Ogún kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń gbé lé àwọn àbúrò wọn lọ́wọ́ kí àwọn yẹn tó fọwọ́ kan òkú fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú yàrá ànátọ́mì. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Ó ń sọ̀rọ̀ òkè Olímpọ́ọ̀sì àtijọ́, ará Fínlándì kan àti ará Jámánì kan, àti ewéko tí wọ́n fi ń pọn bíà tí àwọn méjèèjì ń wò. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nẹ́ẹ̀fù 12 tó ti inú agbárí jáde. Gbólóhùn mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ níwájú ìyá ẹni, iṣẹ́ kan náà ni òun náà ń ṣe. Ẹni tó bá ti lè ka ọ̀kan nínú wọn láìkọsẹ̀, wọ́n ní ó ti mọ nẹ́ẹ̀fù orí nìyẹn.

Irọ́ ni. Kò tíì mọ nǹkan kan. Ohun tó mọ̀ ni ìtàn ará Fínlándì àti ará Jámánì.

N kò bá ìrántí jà o. Ẹni tó bá fẹ́ há nǹkan 12 sórí ní ìtòtẹ̀lé nílò ohun tí yóò dì mú. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò tó ti di òfin láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti láàrin àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá, pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọba gbogbo ọ̀nà ìrántí, àti pé bí gbólóhùn bá ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó sì rọ̀ mọ́ agbárí, iṣẹ́ ti parí. Ìrántí tó dára gbọ́dọ̀ gbé ohun tí a fẹ́ rántí lọ́wọ́. Gbólóhùn Olímpọ́ọ̀sì kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ ju lẹ́tà lọ, àwọn lẹ́tà náà kò sì tó.

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n. Nẹ́ẹ̀fù ni okùn funfun tó ń gbé iṣẹ́ lọ tó sì ń gbé ìròyìn bọ̀ láàrin ọpọlọ àti ara. Àwọn tó ti inú agbárí jáde jẹ́ méjì méjì lọ́nà 12, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, a sì ń kà wọ́n láti iwájú lọ sẹ́yìn: òfákítọ́rì, ọ́pítíìkì, okulomótọ̀, tírókílíà, tiraijẹ́mínà, abidúsẹ́ǹsì, féṣíà, fẹsitíbúlókókílíà, gilọsofaríńjíà, fégọ́ọ̀sì, asẹ́sọ́rì àti haipogilọ́sà. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì òde òní ṣe ń kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí, mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O, méjì pẹ̀lú T, méjì pẹ̀lú A, méjì pẹ̀lú V. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Mẹ́ta péré, F, G àti H, ló dá lẹ́tà tirẹ̀ ní. Ìyẹn ni pé nínú nẹ́ẹ̀fù 12, mẹ́sàn-án ni lẹ́tà àkọ́kọ́ kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, tí ipò wọn nìkan ń dà láàmú, lè rí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wọn ni wọ́n sì ń fún ní gbólóhùn yìí.

Wàhálà mìíràn tún wà lórí i. Nígbà tí wọ́n hun gbólóhùn náà, orúkọ nẹ́ẹ̀fù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, ti kọkànlá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S. Lóde òní V ni ìwé ń lò fún ẹ̀kẹjọ, A fún ìkọkànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gbólóhùn àtijọ́ ka ìwé tuntun yóò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ti tún un ṣe, wọ́n yí ọ̀rọ̀ méjì padà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀dà méjì ló ń kiri ilé akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ohun tó lè sọ fún ọmọ náà èwo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo yàrá ìdánwò. Tábìlì tò lọ bẹẹrẹ. Lórí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n gbé ìdí ọpọlọ kalẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tó ní àsíá pélébé gún okùn kan tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, tó yọ láti ẹ̀yìn, tó wá yípo bọ́ síwájú. Aago yóò dún láìpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ okùn yìí kó tó sún sí tábìlì kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Olímpọ́ọ̀sì nínú. Ó dé ibi tí T méjì wà. Ó wo okùn náà. Kí wá ni? Gbólóhùn náà ti sọ gbogbo ohun tó ní.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí nẹ́ẹ̀fù méjì nínú àwọn 12 tó jìnnà síra wọn lójú tó àwọn T méjèèjì wọ̀nyí. Tírókílíà, ẹ̀kẹrin, ni ó tín-ín-rín jù, òun nìkan ṣoṣo ló sì yọ láti ẹ̀yìn ìdí ọpọlọ. Tiraijẹ́mínà, ìkarùn-ún, ló nípọn jù nínú àwọn tó yọ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà yọ, ó sì pín sí mẹ́ta kó tó dé ojú. Ẹni tó bá ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan lórí ọpọlọ kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú láé. Gbólóhùn ló sọ wọ́n di ìbejì. Bí ọmọ náà bá fẹ́ ìrántí fún ibí yìí, kó sọ pé: tín-ín-rín ló ṣáájú, títóbi ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, wọ́n wà ní ipò wọn, wọ́n sì sọ bí ohun tó wà lórí tábìlì ṣe rí.

Àbùkù kejì ni pé gbólóhùn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé láti àárín. Ẹ bi ọmọ Olímpọ́ọ̀sì pé kí ni nẹ́ẹ̀fù kẹsàn-án, kí ẹ máa wo ètè rẹ̀. Á máa jó wúyẹ́wúyẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ á máa ká lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá sì ká ìka kẹsàn-án ni yóò tó rí G, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ tí G dúró fún. Ẹ tún bi í ní ìkẹta láti ìsàlẹ̀, á tún padà lọ sórí òkè. Àmọ́ aláìsàn kì í to ara rẹ̀ láti ọ̀kan dé 12. Ohùn rẹ̀ á há, tàbí ojú rẹ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ gan-an ni dókítà sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà gbólóhùn yìí máa ń sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, pé láìsí lẹ́tà àkọ́kọ́ èèyàn kò lè há àtòjọ gígùn sórí. Kí wọ́n lọ bá ọmọ awo. Ojú odù Ifá 16 ní ìtòtẹ̀lé, láti Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí títí dé Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún. Bí ẹ bá ka lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn, 12 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O tàbí Ọ, mẹ́rin tó kù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I. Kò sí gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hun tí yóò wúlò. Síbẹ̀ ọmọ awo mọ̀ wọ́n, kò sì ní láti kà láti Ogbè kó tó dé Ọ̀sá. Ìdí ni pé odù kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí ojú ń rí: Ogbè jẹ́ ẹyọ kan ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ọ̀yẹ̀kú jẹ́ méjì méjì ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún ní ẹsẹ tirẹ̀ tó so mọ́ ọn. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá ti balẹ̀, àmì náà ló ń pe orúkọ. Àwọn tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń há àtòjọ sórí nínú ilé wa kò fi lẹ́tà ṣe é. Ohun tí orúkọ náà jẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Wọ́n á tún ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ló lo gbólóhùn yìí, wọ́n sì yege. Òótọ́ ni pé wọ́n lò ó. Pé òun ló jẹ́ kí wọ́n yege ni n kò gbà. Ẹ wá dókítà tó ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ tipẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan orí àti ọpọlọ, kí ẹ ní kó ka gbólóhùn náà. Yóò kà á tẹ̀rín tẹ̀rín. Ẹ wá bi í pé kí ni A kejì dúró fún. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti rí ohun tí mò ń wí: àpò ṣì wà, ohun inú rẹ̀ ti dànù. Èyí tó rùn jù nínú àwọn gbólóhùn náà ló sì ń tètè fi èèyàn sílẹ̀ sí irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rín àti ìtìjú inú rẹ̀ ló ń rọ̀ mọ́ni. Wọn kò so mọ́ nẹ́ẹ̀fù kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò máa pàtẹ́wọ́ níbi tí mo dé yìí, àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń wá ìrántí, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà lóye. N kò sí lẹ́yìn àwọn náà. Kò sí òye kankan tó lè sọ fún èèyàn pé ìkẹfà ló ń yí ojú sí ìta tí ìkẹrin sì ń fà á wálẹ̀. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ti ní ìrántí tó dára fún èyí, tó sì jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n fi ṣe é: LR6SO4. Ó jọ ohun tí wọ́n kọ́ nínú kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdírì, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró lórí. LR ni iṣan tó ń fa ẹyinjú sí ìta, ìkẹfà ló ń darí rẹ̀. SO ni iṣan tó ń fa ẹyinjú wálẹ̀ nígbà tí ojú bá kọ sí apá imú, ìkẹrin ló ń darí rẹ̀. Iṣan yòókù tó ń yí ẹyinjú, ìkẹta ló ni wọ́n. Nínú àmì mẹ́fà, iṣẹ́ àti nọ́ńbà ti so pọ̀, èèyàn sì lè gba ibi tó bá fẹ́ wọlé. Ìrántí tó ń gbé ẹrù nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá rí báyìí, n kò ní kọ àròkọ yìí.

Kí ni a lè fi rọ́pò Olímpọ́ọ̀sì? Kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ìtòtẹ̀lé náà kì í ṣe àtòjọ tí ẹnì kan jókòó ṣẹ́. Thomas Willis, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọpọlọ tó jáde ní 1664, ka mẹ́sàn-án. Ó pa àwọn tí a ń pè ní ìkeje àti ìkẹjọ lónìí pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pa ìkẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá pọ̀ di òmíràn. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Ihò kan náà nínú egungun agbárí ni ìkeje àti ìkẹjọ jọ ń gbà wọlé, ihò kan náà sì ni àwọn mẹ́ta yẹn jọ ń gbà jáde. Ní 1778 ni Samuel Thomas Soemmerring yà wọ́n sọ́tọ̀ tí wọ́n fi di 12, nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè dókítà. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí yí ọpọlọ dojú bolẹ̀, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n rí láti iwájú lọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì yìí ni gbólóhùn Olímpọ́ọ̀sì jù nù.

Pín 12 sí mẹ́rin mẹ́rin, wàá rí àdírẹ́sì náà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wà lókè apá tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹsì: ìkínní àti ìkejì wà lọ́dọ̀ ọpọlọ ńlá níwájú, ìkẹta àti ìkẹrin yọ ní mídíbíréènì. Mẹ́rin àárín jẹ́ ti pọ́ǹsì. Mẹ́rin ìkẹyìn jẹ́ ti mẹ̀dúlà, ìyẹn ìsàlẹ̀ tó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Lórí ìpín mẹ́ta yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wá gbé iṣẹ́ nẹ́ẹ̀fù kọ̀ọ̀kan kà, ní èdè tó fi ń ṣeré láti kékeré, báyìí:

Gbóòórùn, ríran, lajú, wolẹ̀.
Rún un, wo ẹ̀gbẹ́, rẹ́rìn-ín, gbọ́ ọ.
Gbé e mì, fọhùn, gbé èjìká, yọ ahọ́n.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì máa ṣe é bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹ kò lè ṣì í. Ẹni tí a bá bi ní ìkẹsàn-án mọ̀ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta, nítorí náà ọ̀fun ni, mẹ̀dúlà sì ni. Ẹni tó bá rí ojú tó wọ́ tí kò lè rẹ́rìn-ín mọ̀ pé ìlà kejì ni, ẹ̀kẹta nínú rẹ̀, ìkeje. Ìlà mẹ́ta yìí kan náà ni dókítà fi ń yẹ orí wò létí bẹ́ẹ̀dì: fi nǹkan sí aláìsàn nímú, ní kó ka lẹ́tà lára ògiri, ní kó la ojú, títí dé ìgbà tí wàá ní kó yọ ahọ́n. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó sì fi kọ́ wọn, lórí páálí kékeré, nọ́ńbà àti iṣẹ́ níwájú, orúkọ lẹ́yìn, kó máa da páálí náà rú kó tó bi ara rẹ̀.

Ẹyọ kan ló kù láti fi kún un. Nínú nẹ́ẹ̀fù mẹ́wàá tó ti ìdí ọpọlọ jáde, àwọn tí nọ́ńbà wọn pín 12 láìsí àṣẹ́kù ni 3, 4, 6 àti 12. Àwọn mẹ́rin yìí ni orísun wọn wà nítòsí ìlà àárín gan-an: mẹ́ta ń yí ojú, ọ̀kan ń darí ahọ́n. Orísun àwọn yòókù wà lápá ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi aláìsàn kan dán an wò. Ọkùnrin kan jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ ti já bọ́ bo ojú. Nígbà tí dókítà fọwọ́ gbé e sókè, ẹyinjú náà ya sí ìta, ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ ju ti òsì lọ. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Kò lè lajú: ìlà kìíní, ẹ̀kẹta. Ìkẹta yọ ní mídíbíréènì. Mẹ́ta pín 12, nítorí náà ìtòsí àárín ni. Okùn tó ń darí apá àti ẹsẹ̀ gba iwájú mídíbíréènì kọjá, ìsàlẹ̀ nínú mẹ̀dúlà ló sì ti ń rékọjá sí òdìkejì, ìdí nìyẹn tí ojú fi jẹ́ ti ọ̀tún tí apá sì jẹ́ ti òsì. Ibì kan ṣoṣo ló lè mú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: iwájú mídíbíréènì, lápá ọ̀tún. Hermann Weber ti ṣàpèjúwe irú àìsàn yìí ní 1863. Ká ní apá àti ẹsẹ̀ ṣì le dáadáa, tó jẹ́ pé ojú nìkan ni, dókítà á kúrò nínú ọpọlọ, á sì yára wá òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú tó ń tẹ nẹ́ẹ̀fù náà lójú ọ̀nà, nítorí ìyẹn lè bẹ́ kó sì pani. Lẹ́tà O kẹta nínú Olímpọ́ọ̀sì kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ìdajì ọ̀nà yìí.

Ìlà mẹ́ta tèmi náà ní ibi tó ti ń ṣàbòsí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ̀ ọ́n. Ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fun ni, nítorí náà "gbé e mì" kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìkarùn-ún ń rún oúnjẹ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló ń gbé ìmọ̀lára ojú. Ìkọkànlá tó ń gbé èjìká sì ti òkè ọ̀pá ẹ̀yìn inú ọrùn gba agbárí wọlé kó tó tún jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tò ó mọ́ mẹ̀dúlà. Àmọ́ ẹ wo irú àṣìṣe tí àwọn wọ̀nyí jẹ́. Nípa nẹ́ẹ̀fù ni wọ́n, ìwé ànátọ́mì lè tún wọn ṣe, ẹni tó bá sì tún wọn ṣe ti kọ́ nǹkan kan nípa ara. Àṣìṣe inú Olímpọ́ọ̀sì, nípa ará Fínlándì ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kẹta sókè, kí ẹ tó gbé gbólóhùn kankan lé àbúrò yín lọ́wọ́, ẹ dán an wò lára ara yín. Kí ẹnì kan bi yín ní nọ́ńbà mẹ́ta ní ìdàrúdàpọ̀, kí ó sì bi yín ní àmì àìsàn mẹ́ta, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì níbi tí ìka kò ti lè ká. Bí ẹ bá ní láti padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn, ẹ pa gbólóhùn náà mọ́ sọ́dọ̀ ara yín. Ọmọ náà ní òkú níwájú rẹ̀ àti èdè lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó fi méjèèjì ṣe ìrántí tirẹ̀.